Orúkọ fún ilé aránṣọ tó ń fi aṣọ òfì rán aṣọ ìgbéyàwó: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa ará Kàbbà, Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni àwọn aránṣọ agbègbè wa máa ń bi mí jù nígbà tí mo bá ń bá wọn fi orúkọ sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo aránṣọ ni mo ń bá wí o. Ẹni tó ń ra aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ hun, tó ń gé e sí gáùn, kọ́sẹ́ẹ̀tì, jákẹ́ẹ̀tì àti agbádá òde òní fún ìyàwó, ọkọ ìyàwó àti ẹbí wọn ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹni tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé lè pe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ohun tó bá wù ú, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ìtumọ̀.

Kí ló yẹ kí n mọ̀ nípa aṣọ náà kí n tó wá orúkọ?

Ẹ mọ òfì tí wọ́n fi hun ún. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà wa. Èkíní ni òfì tóóró tí àwọn ọkùnrin Ìṣẹ́yìn àti Ìlọrin fi ń hun aṣọ òkè. Aṣọ rẹ̀ kì í fẹ̀ ju bí ínṣì 4 sí 6 lọ, a ó wá máa rán an pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó tó di ìró tàbí agbádá. Ibẹ̀ ni sányán, àlàárì àti ẹtù ti wá. Èkejì ni òfì òòró tí àwọn obìnrin ń gbé ti ògiri. Òun ni àwọn ìyá wa ní Bùnú àti Ìjùmú ń lò, òun náà ni àwọn obìnrin Ẹ̀bìrà ní Òkéné fi lókìkí. Aṣọ tirẹ̀ fẹ̀ gan-an, apá gáùn lè jáde lára rẹ̀ láìsí ojú ìrán kankan láàrin.

Bí ẹ bá gbé aṣọ méjèèjì sójú oòrùn, ẹ ó rí ìyàtọ̀ náà kíákíá. Ara aṣọ òkè ní ìlà ojú ìrán lọ́gbọọgba, aránṣọ tó mọṣẹ́ a máa fi ìlà yẹn ṣe egungun kọ́sẹ́ẹ̀tì. Ara aṣọ òfì òòró gbòòrò, ṣùgbọ́n ó nípọn, kì í fẹ́ ká níbi ìgbáyà.

Kí ló kan orúkọ nínú èyí? Ó kàn án nítorí pé bí ẹ bá sọ ṣọ́ọ̀bù yín ní Ilé Aṣọ Òkè, tí ẹ sì ń rán aṣọ Bùnú àti ti Òkéné, ìyá ìyàwó tó mọ aṣọ yóò bi yín léèrè níbi ìwọ̀n àkọ́kọ́. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní bi yín, yóò kàn rò pé ẹ kò mọ ohun tí ẹ ń tà. Ẹ̀wẹ̀, àdìrẹ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Aró ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe òfì. Mo ti rí ẹni tó pe aṣọ òfì ní àdìrẹ nínú orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, títí di òní ni àwọn oníbàárà ń wá béèrè àdìrẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ orúkọ tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa. Ṣé mo lè pe lébẹ̀lì mi ní Ìpò?

Rárá o. Mo mọ ìdí tó fi ń wù yín. Aṣọ ìpò ni aṣọ Bùnú tí àwọn ará òkèèrè mọ̀ jù, àwọn olùwádìí ti kọ ìwé lé e lórí, ó sì pupa yòò, ó dára lójú. Ṣùgbọ́n aṣọ ìsìnkú ni. Nígbà tí olóyè tàbí àgbàlagbà pàtàkì bá kú ni wọ́n máa ń gbé e jáde, tí wọ́n á gbé e kọ́ síwájú ilé kí gbogbo ayé rí i. Ara àwọn egúngún kan náà ló wà. Òwú pupa tí wọ́n fi hun èyí tó pẹ́ lára wọn, ara aṣọ òyìnbó pupa bíi búláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù ni wọ́n ti tú u, nítorí pé pupa ìbílẹ̀ kì í tàn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ọmọ Èkó lè gbọ́ Ìpò kó rò pé ipò ọlá lẹ ń sọ. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó wá láti Ọ̀llẹ̀ tàbí abúlé Bùnú mìíràn, tó gbọ́ pé aṣọ ìpò ni wọ́n wọ̀ fún ọmọ òun lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ yóò di ti ìdílé. Ìyá àgbà yẹn kì í sọ̀rọ̀ níwájú àlejò, yóò dúró di ìgbà tí ẹ bá délé.

Aṣọ ìgbéyàwó ní ilẹ̀ Bùnú láyé àtijọ́, dúdú ni, aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró. Bí ẹ bá fẹ́ orúkọ tó ti inú aṣọ ilẹ̀ wa wá, ọ̀dọ̀ aró, ẹ̀lú àti òwú ni kí ẹ yà sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ pupa. Èyí kò ní kí ẹ má rán aṣọ pupa o. Àlàárì pupa, ìgbéyàwó ló bá rìn ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Orúkọ ìpò ni ẹ kò gbọdọ̀ gbé kọ́ ọrùn ìyàwó.

Orúkọ ìlú ńkọ́? Kàbbà, Bùnú, Okun?

Orúkọ ìlú rọrùn láti rí, ó sì ń mú orí ọmọ ìlú wú. Ìṣòro rẹ̀ méjì ni. Àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó lè dá Kàbbà ní. Bí ẹ bá kọ Aṣọ Ìyàwó Kàbbà, aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì lè kọ Aṣọ Ìyàwó Kàbbà Tuntun lọ́la, ẹ kò sì ní rí òfin kan gbòógì tí ẹ ó fi mú un. Òfin àmì ìṣòwò ilẹ̀ wa kò fẹ́ràn orúkọ tó kàn jẹ́ orúkọ ibì kan. Èkejì, ìlú kan máa ń lé ìlú kejì sẹ́yìn. Ìdílé Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀ tó ń ṣe ìyàwó lè má fẹ́ kí Kàbbà wà lára aṣọ ẹbí wọn. Ẹ mọ bí a ti rí.

Okun kó gbogbo wa pọ̀, Òwé, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ̀rọ̀, ó sì jẹ́ ìkíni lẹ́nu wa. Nílé, kò sí orúkọ tó dùn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kọ ọ́ láìsí àmì, tí ó dé Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ẹlòmíràn yóò kà á sí òkun tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà, ẹlòmíràn yóò kà á sí okùn tí a fi ń so ewúrẹ́. Okùn Ìyàwó! Ẹ gbà mí.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ilẹ̀ wa hàn, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ, ní ìlà kékeré: *a ń rán an ní Kàbbà*. Ibẹ̀ ni yóò ti ṣe yín láǹfààní, kò sì ní dí yín lọ́wọ́ bí ẹ bá ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì ní Lọ́kọ́jà tàbí Àbújá.

Ṣé kí n kúkú lo orúkọ ara mi?

Ó dára bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ni àwọn ènìyàn ń wá. Níké Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì ní Ìjùmú wa níhìn-ín, orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ọnà rẹ̀ tó wà ní Èkó, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ló ni ín, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ orúkọ náà di ńlá kí ilé tó tóbi.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ máa ń yàtọ̀. Bí ọmọbìnrin bá fi orúkọ bàbá rẹ̀ pe ilé-iṣẹ́, tó wá lọ ilé ọkọ, ìwé báǹkì, káàdì ìdánimọ̀ àti lébẹ̀lì kò ní bára mu mọ́. Bí ẹ bá jẹ́ méjì tí ẹ jọ dá a sílẹ̀, orúkọ ẹnì kan yóò di àríyànjiyàn lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ pín. Òfin náà tún ní ibì kan tó yẹ kí ẹ mọ̀: lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, ẹni tó bá ń fi orúkọ àbísọ àti orúkọ ìdílé rẹ̀ nìkan ṣòwò, láìfi ohunkóhun kún un, kò pọn dandan kó fi orúkọ òwò sílẹ̀. Bó bá ti fi Fáṣọ̀n tàbí Aṣọ Ìyàwó sí i nídìí báyìí, ó ti di dandan, láàrin ọjọ́ 28 tó bẹ̀rẹ̀ òwò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àpẹẹrẹ kan hàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Arábìnrin kan wà ní Kàbbà, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Kọ́sẹ́ẹ̀tì àti gáùn ìgbéyàwó ló ń rán. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó wà ní abúlé kan ní Bùnú, ló ń bá a wá àwọn ahunṣọ. Ó sì tún ń ra aṣọ òkè láti Ìlọrin fún àwọn tó fẹ́ ẹ. Orúkọ márùn-ún ló kọ sínú ìwé tó gbé wá: Ìpò, Aṣọ Òkè Kàbbà, orúkọ ara rẹ̀, Aróyẹmí àti Òfìyẹmí.

Ìpò kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi kó tó kú. Ó ti pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórí fóònù láti fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ pe iṣẹ́ mi ní Ìpò."

"Ìyàwó mi, òkú ta ni ẹ fẹ́ sin?"

Ó ní òun kò lè dáhùn, òun kàn ń rẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín.

Aṣọ Òkè Kàbbà, a yọ ọ́ fún ìdí tí mo ti sọ: ìdajì aṣọ rẹ̀ kì í ṣe aṣọ òkè, Kàbbà kì í sì í ṣe ti ẹnì kan. Orúkọ ara rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́, ó ní òun ń retí kí àbúrò òun dara pọ̀ mọ́ òun.

Ó wá ku Aróyẹmí àti Òfìyẹmí. Mo fẹ́ràn Aróyẹmí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Aró tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ ìyàwó ní Bùnú wà nínú rẹ̀, ó sì ń dún bí orúkọ ènìyàn gidi. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó kọ ọ́ bí ìwé CAC, àjọ ìjọba tó ń fi orúkọ òwò sílẹ̀, yóò ṣe gbé e jáde, ní lẹ́tà ńlá láìsí àmì kankan: AROYEMI. Ó fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta kan lórí WhatsApp láìṣàlàyé, ó ní kí wọ́n kà á padà fún òun nínú ohùn. Ẹni àkọ́kọ́ kà á dáadáa. Ẹni kejì, tó ń gbé ní Abẹ́òkúta, bú sẹ́rìn-ín: "Árò yẹ ọ́? Ṣé wọ́n ti gbà ọ́ sí wọ́ọ̀dù ni?" Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Árò l'Ábẹ́òkúta. Bí aláwàdà kan bá fi kọ́sẹ́ẹ̀tì yín ṣe ẹ̀fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi ìnáwó, ó ti tán. A yọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Òfìyẹmí là kọjá. Gbogbo àwọn tó kà á ló kà á síbi kan náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀rọ̀ burúkú tí yíyọ àmì lè sọ ọ́ dà. Ó gba òfì ọkùnrin àti òfì obìnrin mọ́ra, kò sì dárúkọ ìlú kankan. Àbùkù kan ló ní: ẹni tó bá gé e sí méjì yóò kà á sí òfì Yẹmí, yóò sì rò pé Yẹmí lorúkọ aránṣọ. Ó ti ṣẹlẹ̀, wọ́n ń pè é ní Àǹtí Yẹmí. Ó ní òun ń dáhùn.

Mo lo orúkọ rẹ̀ bí àpẹẹrẹ pẹ̀lú àṣẹ ni o. Ẹ má wá mú un.

Kí ló dé tí ẹ fi tẹnu mọ́ àmì ohùn bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé orúkọ yín yóò pẹ́ láìní àmì ju bí yóò ṣe pẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ lọ. Orúkọ tí ẹ fi ń wọ Instagram kò gba ohun mìíràn ju lẹ́tà òyìnbó, nọ́ńbà, àmì ìdánudúró àti ìlà ìsàlẹ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 30. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, ká má tilẹ̀ sọ àmì òkè. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ìsanwó báǹkì náà bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tó ń wá yín, fóònù ló fi ń tẹ̀ ẹ́, kì í fi àmì sí i.

Nítorí náà, orúkọ tó ní ìtumọ̀ kìkì ìgbà tí àmì bá pé, ẹ fura sí i. Èyí tó ní *oko* nínú ni mo máa ń kọ́kọ́ lé dànù, nítorí ẹ mọ iye ohun tí lẹ́tà mẹ́ta yẹn lè jẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo wọn la lè kà níwájú àna. Ẹ tún ṣọ́ra fún ṣ tó di s, nítorí ẹni tí kì í ṣe Yorùbá yóò pè é gẹ́gẹ́ bó ṣe rí i. Ṣùgbọ́n lára lébẹ̀lì tí ẹ ó rán mọ́ aṣọ àti lára pátákó ṣọ́ọ̀bù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i pé pérépéré. Ibẹ̀ ni a ti lè kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń pè é.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá orúkọ náà yóò ṣiṣẹ́ níbi ìgbéyàwó?

Ẹ lọ síbi ìgbéyàwó. Ibi tí orúkọ aránṣọ ti ń tàn ká kì í ṣe orí pátákó. Alága ìjókòó ló máa ń sọ ọ́ nígbà tí ìyàwó bá wọlé, tí ó bá ń yìn ín pé aṣọ rẹ̀ dára, tí ó wá ní kí ẹ bi í ta ló rán an. Lákòókò yẹn, ìlù ń lọ, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń han. Orúkọ tó ju bí sílébù márùn-ún lọ kì í jáde tán. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì máa ń so mọ́ ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, nítorí náà ẹ gbìyànjú rẹ̀ nínú gbólóhùn, kì í ṣe ní òun nìkan: "Òfìyẹmí ló rán an", "a lọ sọ́dọ̀ Òfìyẹmí". Ẹ pariwo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé kí ẹnì kan nínú ilé kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Bí ohun tó kọ kò bá bá tiyín mu, ìbéèrè ti dáhùn ara rẹ̀.

Ìdánwò kejì ni lébẹ̀lì. Lébẹ̀lì tí a máa ń rán sẹ́yìn ọrùn kì í gùn. Orúkọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yóò kéré tó bẹ́ẹ̀ tí okùn rẹ̀ yóò dì pọ̀, àwọn àmì ìsàlẹ̀ ẹ àti ọ ni yóò sì kọ́kọ́ pàdánù. Ẹ ní kí ẹni tó ń ṣe é hun ẹyọ kan fún yín wò kí ẹ tó san owó ọgọ́rùn-ún.

Ṣé kí n fi Couture, Bridal tàbí Fáṣọ̀n sí i nídìí?

Sínú ìwé CAC, ó dára, nítorí ó máa ń ran orúkọ tó kúrú lọ́wọ́ láti yàtọ̀ sí òmíràn. Lẹ́nu ènìyàn, kò sí ẹni tí yóò pè é. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń kìlọ̀: bí ẹ bá kọ Bridal, àwọn ọkọ ìyàwó yóò rò pé ẹ kì í rán ti ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ agbádá àti fìlà bàbá méjèèjì lówó nínú ju gáùn lọ nígbà mìíràn.

Báwo ni mo ṣe lè fi orúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC?

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí, ẹ kò nílò láti lọ sí Lọ́kọ́jà. Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ẹlòmíràn ti ń jẹ́ orúkọ náà, níbi ìwádìí orúkọ tó wà lórí ìkànnì CAC. Ẹ má kàn wá orúkọ náà gan-an, ẹ wá àwọn tó jọ ọ́ létí: Ofiyemi, Ofi Yemi, Offiyemi. Lẹ́yìn náà, ẹ ó béèrè kí wọ́n pa orúkọ mọ́ fún yín, ẹ ó sì fi orúkọ kejì sí i bí àkọ́kọ́ kò bá wọlé. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí orúkọ kejì yín jẹ́ ohun tí ẹ kàn kọ láti fi kún ààyè, nítorí òun ni wọ́n lè fún yín.

Bí wọ́n bá gbà á, ọjọ́ 60 ni wọ́n ń pa á mọ́. Láàrin àkókò yẹn ni kí ẹ parí ìforúkọsílẹ̀. Bí ọjọ́ bá kọjá, orúkọ náà ti padà sọ́jà, ẹnikẹ́ni lè mú un. Àwọn aránṣọ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ọjọ́, pàápàá ní oṣù Ọ̀pẹ tí ìgbéyàwó pọ̀, ibẹ̀ sì ni ó ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n kì í gba orúkọ tó jọ ti ẹni tó ti wà níwájú débi tí yóò fi tan ènìyàn jẹ. Ọ̀rọ̀ tó bá ń ṣe bí ẹni pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ ló ni yín kì í wọlé láìgba àṣẹ.

CAC ti fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Ṣé orúkọ náà ti di tèmi?

Rárá, ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ìwé CAC sọ pé ẹ ń ṣòwò lábẹ́ orúkọ yẹn. Kò sọ pé ẹlòmíràn kò lè kọ ọ́ sára aṣọ. Èyí tó ń ṣe ìyẹn ni àmì ìṣòwò, ọ́fíìsì mìíràn ló sì wà fún un, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìṣòwò, ní Àbújá.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Wọ́n pín ọjà sí kíláàsì. Aṣọ tí a ti rán àti fìlà wà ní kíláàsì 25, aṣọ tí a kò tíì gé wà ní 24. Ìwé kíláàsì kan ni ẹ ń san owó fún lẹ́ẹ̀kan. Bí owó kò bá tó méjì, 25 ni kí ẹ mú, nítorí ohun tí ẹ ń tà ni aṣọ rírán. Ẹni tó ń ta òfì ní bọ́ńdùùlù ni 24 ṣe pàtàkì fún. Wọ́n á wá inú ìwé wọn wò, bí wọ́n bá gbà, wọ́n á gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn àmì ìṣòwò. Ẹni tó bá fẹ́ tako ó ní oṣù méjì láti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí alátakò, ẹ gba ìwé ẹ̀rí, ó sì wà fún ọdún 7. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún 14 ni ẹ ń tún un ṣe lé lórí.

Ohun tí wọ́n máa ń kọ̀ sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó kàn ń sọ ohun tí ọjà jẹ́. Aṣọ Òfì kò lè di ti ẹnì kan, nítorí gbogbo ayé ló ń ta aṣọ òfì. Òfìyẹmí tí a so pọ̀ lè wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n lè ní kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ kò dá *òfì* tó wà nínú rẹ̀ ní. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dùn yín. Ẹ kò ní lọ máa lé ahunṣọ Ìṣẹ́yìn kiri.

Ẹnì kan ní Èkó ń jẹ́ orúkọ tó fara jọ tèmi. Ṣé kí n yí i padà?

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń tà. Bó bá jẹ́ ìpara tàbí ẹja ló ń tà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kan yín púpọ̀. Bó bá jẹ́ aṣọ, tí ó sì ti ní àmì ìṣòwò ní kíláàsì 25, ẹ yí i padà lónìí, kí lébẹ̀lì tó pọ̀. Bó bá jẹ́ aṣọ, tí òun náà kò ní àmì ìṣòwò, ẹni tó bá lè fi hàn pé òun ti ń lò ó tipẹ́tipẹ́ ló máa ń lágbára jù bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù. Ẹ tọ́jú rìsíìtì àkọ́kọ́ yín, fọ́tò ìgbéyàwó àkọ́kọ́ tí déètì wà lára rẹ̀, àti ìwé àdéhùn tí oníbàárà fọwọ́ sí.

Ṣé mo lè lo ọ̀rọ̀ pé ọwọ́ ni wọ́n fi hun ún, bí díẹ̀ nínú aṣọ mi bá jẹ́ ti ẹ̀rọ?

Bó bá wà nínú orúkọ, ẹ má ṣe é. Aṣọ ẹ̀rọ tó ń fara wé aṣọ òkè ti kún ọjà, ó fúyẹ́, kò sì wọ́n púpọ̀. Aṣọ ẹbí ni ọ̀pọ̀ ń lò ó fún, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 lòdì sí kí a fi irọ́ júwe ọjà, orúkọ ilé-iṣẹ́ sì lè jẹ́ irú ìjúwe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ yóò yí aṣọ náà padà, yóò wo etí rẹ̀. Aṣọ ọwọ́ máa ń ní ibi tí ahunṣọ ti yí òwú padà, etí rẹ̀ kì í gún régé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ti ẹ̀rọ gún bí rúlà, tàbí kí wọ́n ti gé e kí okùn máa yọ. Òfìyẹmí pàápàá wà nínú èyí: ìgbà tó bá fi aṣọ ẹ̀rọ rán aṣọ ẹbí, kì í fi lébẹ̀lì sí i.

Mo ní orúkọ ìbílẹ̀ mẹ́fà tí mo fẹ́ràn. Ṣé kí n ju àwọn yòókù nù?

Ẹ fi wọ́n pamọ́ fún àwọn aṣọ fúnra wọn. Gbogbo àkójọ tí ẹ bá gbé jáde nílò orúkọ, níbẹ̀ sì ni Ẹ̀lú, Òwú tàbí Ìṣẹ́tí ti lè gbé láìsí ìwé ìjọba kankan. Bí ọ̀kan kò bá tà, ọdún tó ń bọ̀ ẹ ó gbàgbé rẹ̀.

Bí mo bá fẹ́ yí orúkọ padà lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ńkọ́?

Ó ṣeé ṣe, CAC ní ìwé fún un. Ohun tó nira ni àwọn aṣọ tó ti jáde. Aṣọ òfì kì í gbó kíákíá, ìyàwó tó wọ̀ ọ́ lónìí lè yá àbúrò rẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sí i, pẹ̀lú lébẹ̀lì àtijọ́ yín lọ́rùn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ti orúkọ àtijọ́ pa lórí Instagram. Ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ tuntun àti nọ́ńbà yín síbẹ̀, kí ẹni tó bá fi lébẹ̀lì wá yín lè rí yín. Bí lébẹ̀lì àtijọ́ bá kù nílẹ̀, ẹ má rán an mọ́ aṣọ tuntun nítorí pé ẹ kò fẹ́ fi ṣòfò.